Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ọwọ́ ṣírò ìlà tààrà láti inú ìwọ̀n ẹja

Ọmọ aládùúgbò wa kan ní Ìkòròdú, tí ìyá rẹ̀ ń sin ẹja àrọ̀ sínú pọ́ńdù ní ẹ̀yìnkùlé, gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá mi. Ìyá rẹ̀ a máa fi àwọ̀n bu ẹja díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, a wọ̀n wọ́n, a sì kọ ìpíndọ́gba ìwọ̀n ẹja kan sílẹ̀. Iye ọ̀sẹ̀ tí ẹja ti lò nínú pọ́ńdù ni x, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù sì ni y:

```
x:    8    10    12    14    16
y:  150   260   340   470   530
```

Ọmọ náà ń wá ìlà `y = a + bx`. Lẹ́tà b ni ìwọ̀n ìgòkè, èyí tí ó ń sọ iye tí ìlà fi ń ròkè nígbà tí x bá fi 1 pọ̀ sí i. Lẹ́tà a sì ni ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ìlà wà nígbà tí x bá jẹ́ 0. Ó rí 28.9 fún b àti 3.3 fún a, inú rẹ̀ sì dùn.

“Bùọ̀dá, ẹ wò ó,” ó ní, “ọmọ ẹja tí màmá mi kó sínú pọ́ńdù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ju gíráàmù mẹ́ta lọ. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́.”

Ó bọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò tọ̀nà, bí a sì ṣe ń ṣì í báyìí ni mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ìlànà tí ó lò nìyí:

```
b = (nΣxy − ΣxΣy) / (nΣx² − (Σx)²)
```

Ó ro àwọn àròpọ̀ rẹ̀ dáadáa: Σx jẹ́ 60, Σy jẹ́ 1750, Σx² jẹ́ 760, Σxy sì jẹ́ 22940. Kò sì fi Σx² pe (Σx)², gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe. Ó mọ̀ pé èyí àkọ́kọ́ ni kí a kọ́kọ́ sọ x kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí a tó ro wọ́n pọ̀, àti pé èkejì ni kí a ro wọ́n pọ̀ ná, èyí tí ó jẹ́ 3600 níhìn-ín. Ohun tí ó gbàgbé ni n, iye ìgbà tí wọ́n wọn ẹja, tí í ṣe 5. Nítorí náà ó kọ èyí:

```
(22940 − 105000) / (760 − 3600) = −82060 / −2840 = 28.9
```

Ẹ wo ohun tí ó fi àṣìṣe náà pa mọ́. Òkè jẹ́ òdì, ìsàlẹ̀ náà jẹ́ òdì, bí a bá sì fi òdì pín òdì, ìdáhùn a jáde láìní àmì òdì kankan, ẹja a sì dàbí ẹni tí ó ń dàgbà bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìlànà yìí kò lè jẹ́ òdì láéláé, nítorí pé ìlọ́po n àròpọ̀ àwọn ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín x kọ̀ọ̀kan àti ìpíndọ́gba x ni, lẹ́yìn tí a ti sọ ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí −2840 níbẹ̀ kí ó gbé bírò sílẹ̀ kí ó sì padà sẹ́yìn. Bí n bá wà níbẹ̀, 9700 ni òkè, 200 ni ìsàlẹ̀, b sì jẹ́ 48.5.

Èmi kì í fi ọwọ́ lo ìlànà gígùn yẹn mọ́, nítorí pé àwọn nọ́ńbà ńlá inú rẹ̀ máa ń fa àṣìṣe. Mo máa ń yọ ìpíndọ́gba kúrò lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ná. Ìpíndọ́gba x jẹ́ 12, ti y sì jẹ́ 350, nítorí náà ohun tí ó ṣẹ́ kù ni:

```
x − 12:    −4    −2     0     2     4
y − 350: −200   −90   −10   120   180
```

Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ ní méjì-méjì tí a sì rò wọ́n pọ̀, a ó rí 1940. Bí a bá sọ ìlà àkọ́kọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tí a rò ó pọ̀, a ó rí 40. Fi 40 pín 1940, ó di 48.5, kò sì sí n kankan tí a lè gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni a wá ṣírò a, tí í ṣe 350 − 48.5 × 12, ó sì jẹ́ −232.

Ọmọ náà ní òun ti yẹ iṣẹ́ òun wò. Ó ti yọ ohun tí ìlà rẹ̀ sọ kúrò nínú ìwọ̀n ẹja gan-an, ó ro àwọn àṣẹ́kù náà pọ̀, ó sì rí 0. Àyẹ̀wò yìí kò tó, nítorí pé ìlà èyíkéyìí tí ó bá gba ibi ìpíndọ́gba méjèèjì kọjá ni yóò fún wa ní 0, ìbáà gòkè jù tàbí kí ó tẹ́ jù. Bí ó sì ti jẹ́ pé láti inú ìpíndọ́gba ni ó ti ṣírò a, kò lè ṣe kí ìlà rẹ̀ má gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo àṣẹ́kù méjèèjì:

```
x:                8      10     12     14     16
b = 48.5:        −6       7    −10     23    −14
b = 28.9:     −84.4   −32.2    −10   62.2   64.4
```

Nínú ìlà kejì, àṣẹ́kù ń gun òkè láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí ó fi hàn pé ìlà náà kò tíì kó gbogbo ìdàgbàsókè ẹja náà tán. Àyẹ̀wò tí ó kù ni pé kí a sọ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú x − 12 tirẹ̀, kí a sì rò ó pọ̀: ìlà tí ó tọ̀nà yóò fún wa ní 24 − 14 + 0 + 46 − 56, tí í ṣe 0, ṣùgbọ́n ti ọmọ náà jẹ́ nǹkan bí 784. Ìlànà tí Legendre, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, tẹ̀ jáde ní ọdún 1805 sì ni pé kí àròpọ̀ àwọn àṣẹ́kù tí a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn kéré jù lọ. Ti ìlà tí ó tọ̀nà jẹ́ 910. Tirẹ̀ ju 16000 lọ.

Ó wá kù −232, èyí tí kò jẹ́ kí ó gbà. Ẹja wo ni ó ń wọ̀n dín ní odo? Kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ìlà náà kò sì sọ pé ó wà. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹja yìí. Ọ̀sẹ̀ 0 jìnnà sí ibi tí a ní ẹ̀rí, ọmọ ẹja a sì máa fi gíráàmù díẹ̀díẹ̀ dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó wá máa yára, nítorí náà ọ̀nà tí ó gbà dàgbà tẹ̀ kọrọdọ níbi tí ìlà wa ti ń lọ tààrà. Nọ́ńbà tí ó ń gbé ìlà sí àyè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 16 ni −232 jẹ́, kì í ṣe ìwọ̀n ẹja. Àwọn kan máa ń fi agbára mú ìlà gba odo kọjá nítorí irú èyí. Bí a bá ṣe é níhìn-ín, b yóò di 22940 tí a fi 760 pín, tí í ṣe nǹkan bí 30.2, ìlà náà yóò sì sọ pé ẹja ọ̀sẹ̀ 8 wọ̀n tó 241, nígbà tí òṣùwọ̀n sọ pé 150 ni.

Mo ní kí ó kọ ìlà náà lọ́nà tí nọ́ńbà méjèèjì yóò fi ní ìtumọ̀:

```
y = 350 + 48.5(x − 12)
```

Ìlà kan náà ni. Ó sọ pé ẹja ọ̀sẹ̀ 12 wọ̀n tó gíráàmù 350, láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 16 sì ni ìpíndọ́gba ìwọ̀n ẹja inú pọ́ńdù yìí ń fi gíráàmù 48.5 pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ kan. Gíráàmù lọ́sẹ̀ ni kí ó kọ tẹ̀ lé 48.5, nítorí pé bí ó bá fi ọjọ́ ka x, nọ́ńbà náà yóò di nǹkan bí 6.9 láìjẹ́ pé ẹja kan yí padà. Kò sì gbọdọ̀ sọ pé ẹja kọ̀ọ̀kan ń jèrè 48.5, nítorí pé nínú pọ́ńdù ẹja àrọ̀, àwọn ńlá a máa gba oúnjẹ mọ́ àwọn kékeré lẹ́nu.

Ìwọ̀n ẹja ni ìyá rẹ̀ fi ń ṣírò oúnjẹ tí yóò rà. Ní ọ̀sẹ̀ 15, ìlà tí ó tọ̀nà sọ gíráàmù 495.5, èyí tí ọmọ náà kọ́kọ́ gbé wá sì sọ nǹkan bí 437. Bí ẹja bá tó 1000 nínú pọ́ńdù, nǹkan bí kílò 59 ẹja ni kò ní sí nínú ìṣirò oúnjẹ ọjọ́ náà.