Bí a ṣe ń yí orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Máífáì padà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ní ìsọ̀ mi ní Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, dátà Máífáì mi ń tán kíákíá. Nígbà tí mo wọ inú rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rọ 5 ló so mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ 2 péré ni tèmi, nítorí pé àwọn oníbàárà tí mo fún ní ọ̀rọ̀ aṣínà nígbà kan ṣì ń lò ó.

Láti yí i padà, ẹ so fóònù yín mọ́ Wáífáì rẹ̀, kí ẹ sì pa dátà síìmù fóònù náà, torí pé bí ó bá ṣì wà ní títàn, ojú ìwé náà lè kọ̀ láti ṣí. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà tàbí sábẹ́ bátìrì. `192.168.8.1` ni tèmi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí òkè búráúsà gan-an. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ti Wáífáì rárá, ti alábòójútó ẹ̀rọ ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Bí ẹ bá ti wọlé, lábẹ́ `WLAN`, tó jẹ́ ibi ètò Wáífáì, `SSID` ni orúkọ tí ẹ máa yí padà. Fún irú ààbò, ẹ yan `WPA2-PSK`, kí ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun má dín ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 8, kí ẹ tó tẹ `Apply`. Fóònù yín yóò já kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, orúkọ tuntun ni kí ẹ wá, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun wọlé. Ẹ má gbàgbé láti yí ti alábòójútó náà padà.