Egbe Kògí, Egbe Èkó: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń gbé àdírẹ́sì oníbàárà sórí máàpù

Ẹ̀rọ tó ń wá àdírẹ́sì lórí máàpù kì í sábà sọ pé òun ò mọ̀. Bí ẹ bá fún un ní ìlà kan tí kò yé e tán, ìwọ̀nba tó yé e níbẹ̀ ni yóò dì mú. Yóò fi àmì síbì kan, yóò sì dá látítíúdì àti lọ́ńgítúúdì padà fún yín pẹ̀lú nọ́ńbà méje lẹ́yìn àmì ẹ̀sún, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà oníbàárà gan-an ló dúró sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó kù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀ ní Kábà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà káàkiri Yàgbà, Mọpà, Ìjùmú àti Bùnú. Àwọn ọmọ ìṣọ̀ ló ń gba àdírẹ́sì lórí fóònù, oníkálukú sì ń kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ohun tó wà nínú fáìlì náà rí báyìí:

```
bsd ECWA Hosp, Egbe
4 Okene rd Kaba
Okene-Kabba Road, opp filling station, Kabba
Aiyetoro, near oba palace
```

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ da ìlà wọ̀nyí sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó kọ “Egbe” mọ ibi tó ń sọ, torí Kábà ló jókòó sí. Ẹ̀rọ ò mọ̀. Egbe kan wà lágbègbè Ìkòtún l’Ékòó, èyí tiwa sì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà. Nǹkan bí 300 kìlómítà ló wà láàárín àwọn méjèèjì bí ẹyẹ bá ń fò. Ògìdì wà ní Ìjùmú, òmíràn wà ní Anámbra. Nítorí náà, ẹ ya ìlà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun: ohun tí wọ́n fi júwe ibẹ̀ lọ́tọ̀, òpópónà lọ́tọ̀, ìlú lọ́tọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀. “Bsd” àti “opp” kò wúlò fún ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ má pa wọ́n rẹ́, ọlọ́kadà máa nílò wọn. Bí Nominatim, ẹ̀rọ tó ń wá àdírẹ́sì lórí máàpù OpenStreetMap, lẹ ń lò, ìbéèrè fún ìlà àkọ́kọ́ yóò rí báyìí:

```
city=Egbe&state=Kogi&countrycodes=ng
```

Lẹ́yìn tí èyí bá ti mú ìlú tó tọ́ jáde ni kí ẹ wá ilé ìwòsàn náà lọ́tọ̀, nínú ìlú yẹn nìkan.

Ìlà Aiyetoro le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí orúkọ ìpínlẹ̀ ò tó láti yanjú rẹ̀. Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ wà ní Ìjùmú, Ayétòrò Kírí wà ní Kábà-Bùnú, Kògí sì ni méjèèjì. Ààfin ọba wà nínú àwọn méjèèjì pẹ̀lú. Èmi ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan bá mi yan èyí. Ẹ pe oníbàárà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ni àbí ti Kírí?” Ìṣẹ́jú kan ni.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ló máa ń dùn mọ́ àwọn tó gbọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀: kí wọ́n gbé gbogbo orúkọ fún ètò tó ń ka iye lẹ́tà tó yàtọ̀, kó sì so àwọn tó jọra pọ̀. Lóòótọ́, “Kaba” àti “Kabba” fi lẹ́tà kan yàtọ̀, ìlú kan náà sì ni. Àmọ́ bí ètò náà bá rọ̀ jù, yóò so Ìsánlú ti Yàgbà mọ́ Ìsánlú-Ìsin ti Kwara. Ní ti ọ̀nà, òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ń lọ la sábà fi ń pè é lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹni tó wà ní Kábà á pe ọ̀nà kan ní Okene Road, ẹni tó wà lápá Òkènè á sì pe ọ̀nà yẹn kan náà ní Kabba Road. Kò sí lẹ́tà kíkà tó lè so àwọn yẹn pọ̀. Àtẹ kékeré tí ẹ fọwọ́ kọ ló dáa jù: orúkọ tó tọ́ lápá kan, gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣì í kọ lápá kejì. Ìlú tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ márààrún Òkun ò pọ̀ débi tí èyí máa fi sú yín.

Bí ẹnì kan bá sì fi àmì sórí orúkọ, ẹ rántí pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú “ọ”: bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí bíi “o” tí àmì tẹ̀ lé. Ojú ò ní rí ìyàtọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ á ní orúkọ méjì ni. Nínú Python, ìlà yìí ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan:

```python
unicodedata.normalize("NFC", ilu)
```

Ní ti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tí kò sí, ẹ jẹ́ kó ṣófo. Nọ́ńbà mẹ́fà ni tiwa ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ tiwọn. Bí fọ́ọ̀mù bá ní dandan ni, wọ́n á tẹ 100001. Ti Èkó nìyẹn, ó sì lè fa Egbe yín padà sí Ìkòtún lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn.

Èyí tó ń náni lówó jù ni kí a ka gbogbo àmì sí bákan náà. Bí ẹ̀rọ ò bá rí òpópónà, àárín ìlú ló máa fún yín, kò sì ní pariwo. Ibi tẹ́ ẹ ti lè mọ̀ ni èsì rẹ̀ gan-an: lọ́dọ̀ Google, ẹ wo `location_type` bóyá `APPROXIMATE` ni, kí ẹ sì wo `partial_match`, nínú Nominatim, ẹ wo `addresstype` bóyá `town` tàbí `village` ló kọ. Ẹ fi èyí pamọ́ sí kọ́lọ̀mù tirẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tó yá ni kí ẹ to fáìlì náà lẹ́sẹẹsẹ. Bí oníbàárà ogún ní Mọpà bá ní látítíúdì àti lọ́ńgítúúdì kan náà gẹ́lẹ́, wọn ò gbé ilé kan náà. Àárín ìlú nìyẹn. Irú àmì bẹ́ẹ̀ tó láti pinnu ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lọ sí Mọpà. Kò tó láti rán ọlọ́kadà.

Ẹ yẹ ipò nọ́ńbà wò pẹ̀lú. Kábà wà ní nǹkan bí 7.83, 6.07. Bí ẹ bá gbé lọ́ńgítúúdì ṣáájú, bí fáìlì GeoJSON ti ń fẹ́ ẹ, tí ètò yín sì ń retí látítíúdì, oníbàárà yín á bọ́ sí Ebonyi. Nàìjíríà ṣì ni, nítorí náà yíyẹ̀ ẹ́ wò pé “ó wà nínú orílẹ̀-èdè” ò ní mú un. Ààlà kékeré ló máa mú un: ẹ rí i pé látítíúdì wà láàárín 7.5 àti 8.7, kí lọ́ńgítúúdì sì wà láàárín 5.3 àti 6.6. Ààlà yìí kan náà lẹ lè fún Nominatim kó má baà wá kọjá ibẹ̀:

```
viewbox=5.3,8.7,6.6,7.5&bounded=1
```

Ààlà yìí ṣì gba Ìkọ̀lé-Èkìtì àti Òkènè mọ́ra, nítorí náà ẹ ka orúkọ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ nínú èsì náà.

Àwọn tó kù sí ìpele ìlú, ọlọ́kadà ló máa parí wọn. Nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà, kó fi fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ ibi tó wà, níta gbangba, kó dúró díẹ̀ kí àyíká aláwọ̀ búlúù tó wà lórí máàpù kọ́kọ́ kéré. Ẹ so ó mọ́ nọ́ńbà oníbàárà. Bí ẹ bá so ó mọ́ ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì, ẹni tó tún kọ “Kaba” lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀rẹ̀. Kí àdírẹ́sì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ sì wà ní kọ́lọ̀mù tirẹ̀, láìfọwọ́ kàn án.