Ọmọ ìtajà tuntun àti gbólóhùn mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń taṣọ ní Gbági, tẹ́ ẹ bá gba ọmọ tuntun sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì jẹ́ kó dá sí iye owó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ. Tí oníbàárà bá wọlé: “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàbọ̀,” kó sì dákẹ́. Tó bá sáré béèrè “Kí lẹ fẹ́ rà?”, “Mo kàn ń wò ó ni” ni wọn máa fi dá a lóhùn, ọjà bà jẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti mú léèsì, kẹ́ ẹ tó dì í, kó tẹ́ gèlè kan lé e lórí: “Ẹ wo bó ṣe bá a mu, mà.” Kò gbọdọ̀ dárúkọ owó, ojú tó bá ti rí i pa pọ̀ ló máa béèrè fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbé aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí padà wá ńkọ́? Kó fún wọn ní àga: “Ẹ má bínú mà, mò ń pe ọ̀gá mi.” Ariyanjiyan kì í ṣe tiẹ̀. Àmọ́ ti gèlè yẹn kò wúlò fún ẹni tó wá ra aṣọ ẹbí. Iye tí wọ́n dá fún un ló kó wá.