Ta ni kí ẹ bi, ẹni mélòó ni kí ẹ bi? Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú àbá ìwádìí ọjà

Ká ní oníṣòwò kan tó ń ta àwọ̀ fẹ́ mọ iye àwọn aládìrẹ Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tí yóò ra àwọ̀ tuntun tó fẹ́ kó wọlé, ó sì ní kí ẹ kọ àbá ìwádìí wá.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìwé orúkọ wà. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá ní àkọsílẹ̀ àwọn ìsọ̀, ẹ lè ṣẹ́ kèké lórí rẹ̀. Ká ní àwọn oníbàárà lẹ fẹ́ bi ni, kò síbi tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn jọ. Ẹnu ọ̀nà lẹ máa dúró sí, kí ẹ máa dá ẹni karùn-ún-karùn-ún dúró, lọ́jọ́ àti wákàtí tó yàtọ̀ síra. Ẹ má wá pe ìyẹn ní kèké.

Ó kan iye. Ká ní ìsọ̀ 600 ló wà nínú ìwé náà:

```
1.96² × 0.5 × 0.5 / 0.05² = 384.16 → 385
385 / (1 + 384/600) = 234.8 → 235
235 / 0.8 = 293.75 → 294
```

Ẹ ṣàlàyé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dá àbá padà. 1.96 dúró fún ìdánilójú ìdá 95 nínú 100, 0.05 ni àṣìṣe tí a lè gbà. A mú 0.5 torí a kò tíì mọ iye tí yóò rà á, òun ló sì ń mú iye tó pọ̀ jù wá. Ìlà kejì dín 385 kù torí ìsọ̀ tó wà kò ju 600 lọ; 384 ni 385 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. A fi 0.8 pín 235 torí kì í ṣe gbogbo ìsọ̀ ló máa dáhùn, nítorí náà ìsọ̀ 294 lẹ máa yà sí. 0.8 náà wá látinú ìdánwò: ìsọ̀ 20 lẹ kọ́kọ́ yà sí, 16 dáhùn.

Kí ẹ tó mú ìsọ̀ kejì-kejì nínú ìwé, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Bí nọ́ńbà 1, 3, 5 bá kọjú sí títì, tí 2, 4, 6 wà lẹ́yìn, apá kan ṣoṣo lẹ máa bi, láìfura. Ẹ pín ìwé náà sí méjì. Bí 240 bá wà létí títì, tí 360 wà nínú, ẹ ṣẹ́ kèké mú 118 níhìn-ín, 176 lọ́hùn-ún.

Ẹ bi oníṣòwò náà bóyá ó fẹ́ fi apá méjèèjì wéra. Àṣìṣe 5 nínú 100 yẹn, ti gbogbo ọjà lápapọ̀ ni. Létí títì nìkan, yóò tó nǹkan bí 8. Tó bá lóun ò gbà, iye yóò pọ̀ sí i, owó náà yóò sì lé.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ìsọ̀ kan pa, ẹ máa padà lọ, ẹ ò ní yà sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í sí nísọ̀ lè jẹ́ ẹni tó wà nílé tó ń rẹ aṣọ, àwọ̀ tirẹ̀ ló sì lè máa tètè tán.