Bí mo ṣe fojú bu èrè, tí mo sì san ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin owó-orí rẹ̀ kí ọdún tó parí

Gaàrí, èlùbọ́, epo pupa àti ẹja gbígbẹ ni ilé-iṣẹ́ mi ń kó wọ Houston, tí à ń tà fún àwọn onísọ́ọ̀bù àti àwọn tó ń dáná òde. Lọ́dún 2022 a pàdánù $6,000, owó-orí wa fún ọdún náà sì jẹ́ òdo. Inú mi dùn nígbà náà pé ìjọba kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé òdo yẹn ló máa kó mi sí wàhálà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó bá ń san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó sì rí i pé owó-orí ọdún náà máa tó $500, kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọdún bá parí. Ó ní láti fojú bu èrè ọdún náà, kó yọ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì san án lẹ́ẹ̀mẹ́rin: ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù Kejìlá. Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Oṣù méjì péré ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì, ìkẹrin sì máa ń bọ́ sí àkókò tí a ṣì ń ta ọjà ọdún Kérésìmesì lọ́wọ́.

Mo mọ ìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni èyí tí bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, sọ fún mi ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ó ní, “Àbúrò mi, ṣé òdo ni owó-orí rẹ lọ́dún tó kọjá? Má wulẹ̀ san kọ́bọ̀ títí ọdún á fi parí. Bí èmi náà ṣe ṣe é nìyẹn, wọn ò bú mi.” Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, tí wọ́n sún gbèdéke sí lọ́dún yẹn, kọjá lórí mi, mi ò san nǹkan kan.

Oṣù karùn-ún ni mo bá àǹtí mi kan tó jẹ́ akáǹtáǹtì sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, mo sì fi ti owó-orí kún un. Àǹtí pariwo. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ni òfin yẹn wà fún. Ilé-iṣẹ́ kọ́!” Wọ́n wá là á yé mi. Ilé-iṣẹ́ kékeré lè fi owó-orí ọdún tó kọjá ṣe òṣùwọ̀n, kó pín in sí mẹ́rin, kó máa san án, kò sì sí ìtanràn bí èrè bá tiẹ̀ fò sókè. Ṣùgbọ́n owó-orí ọdún náà gbọ́dọ̀ ju òdo lọ, ọdún náà sì gbọ́dọ̀ pé oṣù 12. Bó bá jẹ́ òdo, kò sí òṣùwọ̀n nìyẹn. Èrè ọdún tí a wà nínú rẹ̀ nìkan ló kù láti fi díwọ̀n. Bùrọ̀dá ò purọ́. Òfin tirẹ̀ ló sọ fún mi.

Mo wá jókòó ti ìwé ọjà. IRS, àjọ owó-orí ìjọba Amẹ́ríkà, ti dẹ́kun títẹ ìwé ìṣirò 1120-W lẹ́yìn ọdún 2022, nítorí náà nínú ìwé ara mi ni mo ti ṣe é. Mo fojú bu èrè ọdún náà sí $66,000, mo yọ àdánù $6,000 ti 2022 kúrò (òfin gbà á láyè), ó ku $60,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ $12,600, ìdá kan nínú mẹ́rin sì jẹ́ $3,150. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà mo san ìdá méjì pọ̀, $6,300, láti fi dí ihò oṣù kẹrin. Orí EFTPS, ìkànnì tí ìjọba fi ń gba owó-orí, ni mo ti san án. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ gbèdéke: nọ́ńbà ìdánimọ̀ máa ń gba inú lẹ́tà wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ṣètò owó náà lórí rẹ̀ kí aago méje alẹ́ ti Houston tó lù lọ́jọ́ tó ṣáájú gbèdéke.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ọjà ti yá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo tún èrè náà fojú bù: $86,000. Lẹ́yìn àdánù, owó-orí di $16,800. Kì í ṣe pé èèyàn á kàn pín àfikún náà sí méjì tó kù o. Àròpọ̀ gbogbo ohun tí a ti san ló gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nígbà yẹn, ìyẹn $12,600. Mo ti san $6,300, nítorí náà $6,300 mìíràn ni mo fi sí i. Ní oṣù Kejìlá mo san $4,200 tó kù.

Ọjà Kérésìmesì ya mí lẹ́nu. Èrè gidi tí a rí lọ́dún náà jẹ́ $96,000, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ $18,900. Mo ti san $16,800, ó ku $2,100, gbèdéke rẹ̀ sì ni ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2024. Ẹni tó bá fi Fọ́ọ̀mù 7004 tọrọ àfikún àkókò lè fi ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n owó kò ní àfikún àkókò.

Ìtanràn ló wá kù. Bí wọ́n bá pín $18,900 sí mẹ́rin gbọọrọ, gbogbo ìdá tí mo san ló kéré tàbí tó pẹ́. Ìṣirò Fọ́ọ̀mù 2220 fún mi ní nǹkan bí $195. Àǹtí ní kí n má tíì fọwọ́ sí i. “Ìgbà wo gan-an ni èrè yẹn wọlé?” Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún ló kó $42,000 wá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, $9,000 péré. Schedule A nínú fọ́ọ̀mù yẹn gbà kí èèyàn díwọ̀n ìdá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ti wọlé ní tòótọ́: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ìdá kìíní àti ìkejì, oṣù mẹ́fà fún ìkẹta, oṣù mẹ́sàn-án fún ìkẹrin. $9,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ $36,000. Yọ àdánù, ó ku $30,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ $6,300, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ $1,575. Ohun tó yẹ kí n ti san ní oṣù kẹrin kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo san ní oṣù kẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá ju ohun tí wọ́n ń retí lọ. Èlé ọjọ́ 58 lórí $1,575 nìkan ló ṣẹ́ kù: $18. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá ti máa ṣírò ìwé ọjà parí lóṣooṣù ni, ibo ni mo ti fẹ́ rí $9,000 yẹn fi hàn?

Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin 2024, owó méjì ló jáde ní báńkì wa: $2,118 fún 2023, àti $4,725, ìdá àkọ́kọ́ ti 2024. Fọ́ọ̀mù kan náà ni fún méjèèjì lórí EFTPS, ṣùgbọ́n ọdún yàtọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì wo ọdún yẹn kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe dé $4,725? $18,900 ti ọdún tó kọjá ni mo pín sí mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní òṣùwọ̀n, mi ò fojú bu nǹkan kan.