Bí a ṣe ń sọ àítì di ẹ̀kọ́: àpẹẹrẹ láti ilé búrẹ́dì kan ní Ìkòròdú

Ẹ gba ìwé àítì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé rán lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Odógunyàn, kí ẹ ṣí i sí àárín. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ní ju báyìí lọ: “Lónìí, a po ìyẹ̀fun. Ọ̀gá kọ́ wa bí a ṣe ń po ìyẹ̀fun.” Ọjọ́ kejì: “A tún po ìyẹ̀fun, a sì tún gbá ilẹ̀.” Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ wà lórí rẹ̀, kò sì sí irọ́ kankan níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá bi ọmọ náà pé kí ló mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ ní oṣù tó kọjá, á máa wo ilẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Láti 1973 tí ètò àítì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ tí ìwé yìí ń ṣe jù lọ ni láti jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ dé ibi iṣẹ́, ó sì ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ìyẹn dára fún àkọsílẹ̀. Ẹni tó máa sọ ohun tí ọmọ ṣe di ohun tó yé e ni olùkọ́ tó ń bójú tó o, ọ̀nà kan sì wà tó fi lè ṣe é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, David Kolb, ló to ọ̀nà náà kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1984. Ó ní ẹ̀kọ́ inú ìrírí máa ń gba ibi mẹ́rin yí po. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Ó padà wo ohun tó ṣẹlẹ̀ náà. Ó wá ìdí rẹ̀, ó sì fa òye kan yọ. Lẹ́yìn náà ló dán òye yẹn wò, ìdánwò náà á sì tún di ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ibi iṣẹ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Mẹ́ta tó kù kì í sábà wáyé àfi bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò wọn.

Kí ọmọ tó wọ ibi iṣẹ́

Lọ rí ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà. Nǹkan méjì péré ni kí o bá a sọ. Èkíní, pé ọmọ á ní ìwé kékeré kan lápò, yàtọ̀ sí ìwé àítì, àti pé ìwé kékeré yìí kò ní kọjá ọwọ́ ọmọ àti olùkọ́ rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí kò sí ọmọ tó máa kọ “mo gbàgbé iyọ̀” sínú ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ máa fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ẹtì. Èkejì, pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ lè tọrọ àyè láti dán nǹkan kékeré wò, ohun tí kò ní ná iléeṣẹ́ lówó púpọ̀. Bí ọ̀gá kò bá gbà fún èkejì, má bá a jà. Màá padà sórí ìyẹn.

Yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ìwọ àti àwọn ọmọ á jọ jókòó. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kó wà nínú ẹgbẹ́ kan. Bí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan á sá sẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹni tó bá ń ti Ìjẹdẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ti rẹ̀ kó tó dé, nítorí náà má ṣe kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kó mú wá

Má ṣe jẹ́ kí ọmọ ròyìn gbogbo ọ̀sẹ̀. Ní kó mú ohun kan wá tó yà á lẹ́nu, tàbí tí kò lọ bó ṣe rò. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan tó wà ní ilé búrẹ́dì ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó kọ ni pé: “Búrẹ́dì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun bàjẹ́, ọ̀gá bínú. Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé ó yẹ kí ènìyàn máa fara balẹ̀.”

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń gbóríyìn fún ọmọ nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. “Ó yẹ kí ènìyàn máa fara balẹ̀” kò jẹ mọ́ búrẹ́dì. A lè kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà, a lè kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ télọ̀. Ọmọ náà fo láti ohun tó ṣẹlẹ̀ bọ́ sórí ìwàásù, kò wo ẹ̀yìn rárá. Bí o bá rí gbólóhùn tó lè bá iṣẹ́ mìíràn mu láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, dá ọmọ náà padà síbẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kó tún un sọ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi

Ìgbésẹ̀ yìí ló gba àkókò jù, òun náà ló sì lérè jù. Ìbéèrè rẹ kò gbọdọ̀ ní “kí ló dé” nínú rárá. Aago mélòó? Ta ló wà níbẹ̀? Kí lo fojú rí, kí lo fọwọ́ kàn, kí lo gbóòórùn? Jẹ́ kó fi Yorùbá sọ ọ́ tán kó tó kọ ọ́. Òyìnbó tó fẹ́ kọ dáadáa ló ń jẹ́ kí ó gbàgbé ohun tó rí.

“Aago mélòó lẹ po ti àárọ̀?”

“Aago méje, mà. Méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló wọ páànù. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló wọ ààrò.”

“Ti ọ̀sán ńkọ́?”

“Ó wọ páànù ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dísù kò tètè dé, ààrò kò gbóná. Mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tó wọlé, mà.”

“Yíìsì ńkọ́?”

“Bákan náà ni. Ìyẹ̀fun náà, inú àpò kan náà la ti bù ú, a kàn pín in sí méjì ni.”

“Nígbà tó jáde, báwo ló ṣe rí?”

“Orí rẹ̀ wọlé. Ó ń rùn bí ẹ̀kọ tó kan. Àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dáadáa.”

“Kó tó wọ ààrò, ṣé orí rẹ̀ ti wọlé, àbí inú ààrò ló ti wọlé?”

Ọmọ dákẹ́. “N kò wò ó, mà.”

Má ṣe bá a wí. Ìdáhùn yẹn lówó lórí ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ, nítorí ó sọ ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà lọ́la. Ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà: “N kò wo ìyẹ̀fun kó tó wọ ààrò.”

Ìdí gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ

Nísinsìnyí ni “kí ló dé” lè wọlé. Má gba ìdí kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, má sì sọ èyí tí ìwọ mọ̀. Bí ọmọ bá mú ẹyọ kan wá, á kàn máa gbèjà rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, dandan ni kó fi wọ́n wé ara wọn. Ọmọbìnrin yìí mú mẹ́ta wá: ìyẹ̀fun kò dára, ààrò kò gbóná tó, tàbí ìyẹ̀fun tó ti wú dúró pẹ́ jù nínú páànù.

Kí ó wá gbé ìkọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó rí. Àpò ìyẹ̀fun kan náà ni wọ́n lò láàárọ̀, búrẹ́dì àárọ̀ sì dára, nítorí náà ó ṣòro láti dá ìyẹ̀fun lẹ́bi. Ààrò tí kò gbóná kì í jẹ́ kí àwọ̀ búrẹ́dì pọ́n, ó sì ti sọ pé ó pọ́n. Ti àárọ̀ dúró fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ti ọ̀sán dúró fún wákàtí méjì ààbọ̀, nínú oòrùn ọ̀sán. Ibí ni kó ti lọ ka ìwé iléèwé rẹ̀ tàbí kó bi ẹni tó mọ̀, nítorí ìrírí nìkan kò lè sọ ìyókù fún un: yíìsì jẹ́ ohun abẹ̀mí, ooru máa ń mú kó ṣiṣẹ́ kíákíá, afẹ́fẹ́ tó sì ń tú jáde ló ń wú ìyẹ̀fun. Bó bá wú kọjá ààlà, ohun tó ń di afẹ́fẹ́ náà mú nínú ìyẹ̀fun á fà títí á fi já, orí á sì wọlé. Ọwọ́ ni àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bó bá yára padà sípò, kò tíì tó. Bó bá rọra padà, ó tó. Bí ojú ìka bá dúró síbẹ̀ tí kò padà mọ́, ó ti kọjá.

Rí i pé ó kọ òye rẹ̀ lọ́nà tó lè jásí irọ́. “Dídúró pẹ́ kò dára” kò tó. “Bí ìyẹ̀fun tiwa bá dúró ju wákàtí méjì lọ nínú páànù lọ́sàn-án, ojú ìka kò ní padà, orí rẹ̀ á sì wọlé” dára. Ẹni tó bá kọ èyí ti fi ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti lè já a nírọ́, ohun tí a sì ń wá nìyẹn.

Ìdánwò kékeré

Páànù méjì tó. Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fi páànù méjì sílẹ̀ nínú ti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nígbà tí àwọn yòókù wọ ààrò lásìkò, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí i, ó sì ń fi ìka tẹ etí wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà, àkókò. Bó bá yí yíìsì náà padà lọ́jọ́ kan náà, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí méjèèjì bá wọlé tí àwọn yòókù dúró dáadáa, ìyẹ̀fun bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá wọlé, inú mi máa ń dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọ ti ní ìbéèrè tí kì í ṣe èmi ni mo fún un.

Lẹ́yìn èyí ni yíyí kejì: bí dísù kò bá tètè dé, kí ni ká ṣe? Ṣé ká dín yíìsì kù, ká lo omi tútù, àbí ká má tilẹ̀ po ti ọ̀sán títí ààrò á fi gbóná? Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan.

Gbígbà máàkì

Ohun mẹ́ta ni mo ń wò: ṣé ohun tó rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago àti iye, ṣé ìdí tó mú wá lè jásí irọ́, ṣé ohun tó máa ṣe lẹ́yìn náà ṣe é wò. N kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì nítorí pé ó jẹ́wọ́ àṣìṣe. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo wọn á ti máa hùmọ̀ àṣìṣe. Òmíràn ni ti àwọn tó ń fi ìbéèrè pín ọmọ sí “ẹni tó ń fojú kọ́ ẹ̀kọ́” àti “ẹni tó ń fọwọ́ kọ́ ẹ̀kọ́” kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kolb fúnra rẹ̀ ṣe irú ìbéèrè kan báyìí, àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí ní Bìrìtìkó yẹ irú wọn wò ní 2004, wọn kò rí ẹ̀rí tó lágbára lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn. Fi àkókò yẹn bi ọmọ ní aago.

Níbi tí a kò ti lè dán nǹkan wò

Ní yàrá ògùn ilé ìwòsàn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ iná ńlá, kò sí ẹni tó máa gba ọmọ láyè láti fi ohunkóhun sílẹ̀ kó bàjẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n gbà. Ní kó sọ tẹ́lẹ̀ dípò rẹ̀. Kó tó di òwúrọ̀ Ajé, kó kọ ohun tó gbà pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú aago: “Èrò tó ń gba ògùn á pọ̀ jù láàárín mẹ́wàá sí méjìlá, torí ìgbà náà ni dókítà ń parí àyẹ̀wò.” Kó wá dúró síbẹ̀ kó kà wọ́n. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ ó ti dán òye rẹ̀ wò.