Fọ́tò 28 fún òrùka kan ṣoṣo

Ohun tí ẹni tó ni òrùka náà fẹ́ kò ṣòro láti sọ: kí òkúta iwájú mọ́ kedere, kí irin tó yí lọ sẹ́yìn náà sì mọ́ kedere, nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n láti iwájú òkúta dé ẹ̀yìn irin, ó jẹ́ mìlímítà 24. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é.

Lẹ́ǹsì mìlímítà 100 tí wọ́n ṣe fún yíya ohun kékeré ni mo lò. Mo tẹ́ òrùka lélẹ̀, òkúta kọjú sí kámẹ́rà, mo sì sún kámẹ́rà mọ́ ọn títí òrùka fi gba bí ìdajì ìbú fọ́tò. N kò jẹ́ kó kún fọ́tò, ìdí rẹ̀ yóò hàn tó bá yá.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi fọ́tò kan ṣe é. Mo dín ihò lẹ́ǹsì kù dé f/22 kí ibi tó mọ́ lè gùn sí i. Ó gùn lóòótọ́, ó tó mìlímítà 4, ṣùgbọ́n 4 jìnnà sí 24. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé gbogbo fọ́tò náà rọ̀, títí kan òkúta tí mo dojú lẹ́ǹsì kọ gan-an. Bí ihò bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá máa ń fọ́n ká, kò ní lè kó ara jọ sójú kan mọ́. Mo padà sí f/8, ihò tó tóbi ju ìyẹn lọ, ibi tí lẹ́ǹsì tèmi ti ń mú jù lọ. N óò ya fọ́tò púpọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ níbi tirẹ̀, kí n wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣa ibi tó mọ́ nínú wọn jọ.

Púpọ̀ wo? Mo fojú bù ú sí 9. Mo yí fókọ́ọ̀sì, èyí tó ń pinnu ibi tí lẹ́ǹsì yóò ti mú kedere, díẹ̀díẹ̀, mo ya 9, mo pa wọ́n pọ̀. Nígbà tí kò tóbi lójú, ó dára. Nígbà tí mo sọ ọ́ di 100% lójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ara irin náà ní ìlà ìlà: ibì kan mọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ṣe bàìbàì, òmíràn tún mọ́. Àlàfo ni. Láàárín fọ́tò kan àti èkejì, ibì kan wà tí kò sí fọ́tò kankan tó mú un, kọ̀ǹpútà kò sì lè fúnni ní ohun tí a kò yà. Ẹni tó bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, kó má fi àkókò ṣòfò lórí kọ̀ǹpútà. Kó tún un yà.

Kí n tó tún un yà, mo tẹ́ rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka, kí ó na láti ọ̀dọ̀ lẹ́ǹsì lọ sẹ́yìn. Mo ya fọ́tò kan ní f/8, mo sì ka iye ìlà mìlímítà tó mọ́ dáadáa ní 100%. Kò ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé mìlímítà mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń fò tẹ́lẹ̀! Mo pinnu láti máa rìn ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan, kí fọ́tò kan lè gun orí èkejì díẹ̀. Mìlímítà 24 yóò gba fọ́tò 25, mo sì fi 3 kún un, kí èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òkúta, kí èyí tó kẹ́yìn sì kọjá irin. 28.

Rúlà yẹn kan náà ni mo fi tọ́ ọwọ́ mi sọ́nà. Mo sún un jìnnà sí òrùka, kí òjìji nọ́ńbà rẹ̀ má baà hàn lára irin bí ojú ṣe máa ń hàn nínú dígí, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú fọ́tò. Mo sọ ojú kámẹ́rà di ńlá, mo yí lẹ́ǹsì títí ìlà tó kàn fi mọ́, mo yà á, mo tún yí i. Kámẹ́rà mìíràn máa ń dá ìyẹn ṣe fúnra rẹ̀. Tèmi kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Kámẹ́rà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo pa gbogbo ohun tó lè dá yí padà: ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, àwọ̀, fókọ́ọ̀sì aládàáṣe, àti èyí tó ń gbógun ti gbígbọ̀n ọwọ́. ISO 100 ni mo lò, mo sì fi tíìmà sí ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ìka mi má baà mì í.

Lórí Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi pa wọ́n pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ nìyí; lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, ẹ yan gbogbo léyà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú:

```
File > Scripts > Load Files into Stack…
Edit > Auto-Align Layers…
Edit > Auto-Blend Layers… > Stack Images
```

Ti àárín yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé bí a ti ń yí fókọ́ọ̀sì ni òrùka ń tóbi tàbí kéré díẹ̀ nínú fọ́tò. Ètò náà máa ń fà wọ́n títí wọn yóò fi dọ́gba, etí fọ́tò á sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí òrùka kún un.

Ìlà bàìbàì ti lọ, ṣùgbọ́n wàhálà méjì ṣẹ́ kù. Àkọ́kọ́, etí kan tó dàbí èéfín yí òkúta ká, níbi tó ti bo irin ẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí fókọ́ọ̀sì bá wà lára irin ẹ̀yìn, òkúta iwájú á wú, á ṣe bàìbàì, á sì bo ibi tó yẹ kí a rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí fọ́tò kankan, nínú gbogbo 28, tí ibẹ̀ ti mọ́. Àwọn kan máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lórí kọ̀ǹpútà. Ní tèmi, mo gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀ títí àyè fi wà láàárín òkúta àti irin ẹ̀yìn, kí èéfín náà lè bọ́ sórí funfun lásán.

Ìkejì pẹ́ kó tó yé mi. Ibì kan nínú irin náà ń ṣe bàìbàì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé mo yà á. Mo ṣí fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: irin ibẹ̀ mọ́ nínú fọ́tò kan, àmọ́ ètò náà kò mú un, òmíràn ló mú. Ohun tó ń wá ni ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé ní ìlà tó mú. Òjìji etí bébà funfun tí mo fi bo iná sì wà lára irin náà. Irú òjìji inú dígí bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sórí irin bí ojú ṣe rò ó. Jíjìnnà tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà inú fọ́tò mìíràn ló ti mọ́. Etí bébà mú ju ara irin dídán lọ, ètò náà sì yan bébà. Mo pààrọ̀ bébà sí èyí tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta, tí etí rẹ̀ kò lè hàn lára irin mọ́. Mo tún ya 28. Ó parí síbẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí onítọ̀hún fi pè mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlà tó wà nínú irin lọ́wọ́ ẹ̀yìn yẹn?”

Mo wò ó. Ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀ ni. Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ń ya òrùka yẹn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ máa ń ṣe bàìbàì ni. Ó ní kí n dá a padà kí òun lọ dán an, kí n sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ bó ṣe wà.